Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Ìyá Elélùbọ́

Àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́kànlá ni mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó ní èsì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama tán ní Ayétẹ̀ ni. Mo ń fi fóònù ṣe fídíò kéékèèké nípa oúnjẹ ilẹ̀ Ìbàràpá sórí TikTok, àwọn tó ń tẹ̀ lé mi níbẹ̀ kò sì ju 2,600 lọ. Owó ìdánwò JAMB ni mo ń wá. Mo ti gbọ́ pé àwọn ọlọ́jà a máa sanwó fún irú wa kí a lè bá wọn polówó, ni mo bá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ọlọ́jà mọ́kànlá. Ohun tí mo kọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbajúmọ̀ ni mí lórí TikTok. Mo fẹ́ràn ọjà yín gan-an, mo sì lè sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ lè san?”

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mo fi han àǹtí mi tó ń ta aṣọ lọ́jà Ayétẹ̀. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, “Ta lo kọ èyí sí?” Mo ní ìyá kan tó ń ta ọṣẹ dúdú ni. Wọ́n ní, “Ọṣẹ dà nínú rẹ̀?” N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n wá sọ pé, “Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ mi, tó ní gbogbo aṣọ mi ló wu òun, kì í ra nǹkan kan. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan, tó béèrè bóyá ó máa ń ṣí, òun ni oníbàárà.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n padà lọ wo àwọn fídíò mi. Èyí tí wọ́n wò jù lọ ni ti ewúrẹ́ kan tó gbé ìgbákọ sá lọ. Wọ́n wò ó ní ìgbà 18,000, ṣùgbọ́n ẹ̀rín nìkan ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀. Òmíràn wà tí mo ti ń ro àmàlà láfún, tí mo sì fi ọbẹ̀ ìlasa jẹ ẹ́. Ìgbà 1,900 péré ni wọ́n wo ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, èèyàn 43 ló béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí láfún tí kò ní iyanrìn. Ìbàdàn àti Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn ń gbé. Mo rí i nígbà náà pé iye tó kéré ni ó ní owó nínú, nítorí àwọn tó fẹ́ rajà ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ láfún yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Wọn á bó ẹ̀gẹ́, wọn á rẹ ẹ́ sómi fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, wọn á wá sá a kó tó di lílọ̀. Ibi tí wọ́n ń sá a sí ni wàhálà wà. Bó bá jẹ́ etí títì ni, eruku ọkọ̀ á bà lé e, ẹnu ẹni tó ń jẹ àmàlà ni iyanrìn yóò sì ti hàn. Mo mọ ìyá kan ní Igbó-Ọrà tí kì í sá tirẹ̀ sílẹ̀, orí pẹpẹ tó ga ni, pẹ̀lú àwọ̀n lórí. Síbẹ̀, ó di èlùbọ́ náà sínú ọ̀rá bíi ti gbogbo èèyàn, kò sì sí ohun tó sọ fún ẹni tó ń rà á pé ó yàtọ̀. Òun ni mo kọ lẹ́tà kejì sí:

“Ẹ káàárọ̀ o, mà. Mo ń gbé ní Ayétẹ̀, mo sì ti ra láfún yín rí lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí pẹpẹ tí ẹ ń sá a sí. Èèyàn 43 ló béèrè láfún tí kò ní iyanrìn lábẹ́ fídíò mi kan, mo ti ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ mọ́ lẹ́tà yìí. Àwọn tó ń tẹ̀ lé mi jẹ́ 2,600. Mo fẹ́ ṣe fídíò méjì fún yín: ọ̀kan lórí pẹpẹ yín, ọ̀kan nígbà tí mo bá ń ro ó. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ mi wá yóò kọ ‘ÌLASA’ sí yín lórí WhatsApp, kí ẹ lè kà wọ́n. Iṣẹ́ náà jẹ́ ₦30,000, ìdajì ṣáájú. Ẹ lè lo fídíò náà fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè wá bá yín lọ́jọ́ Sátidé.”

Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé màá mú oníbàárà 100 wá, àǹtí mi ló ní kí n pa á rẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo lè ṣèlérí, n kò lè ṣèlérí owó tó wà lápò ẹlòmíràn.

Ìyá náà fèsì lọ́jọ́ kejì: “Ọmọ mi, máa bọ̀.” Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní ₦30,000 ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ fún mi ní àpò èlùbọ́ dípò owó. Mo dúpẹ́, mo sì ṣàlàyé pé èmi ni n ó san owó ọ̀kadà àti dátà, àti pé àwọn JAMB kì í gba èlùbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dípò kí n dín owó iṣẹ́ kan náà kù, mo dín iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kù: fídíò kan ní ₦15,000, kí wọ́n san ₦7,500 kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la jiyàn lé lórí. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ pé ìpolówó ni, torí àwọn èèyàn á rò pé irọ́ ni. Mo sọ fún wọn pé àṣẹ TikTok fúnra rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbowó gbọ́dọ̀ fi hàn, ohun tí a ń tẹ̀ sì wà fún un kí `Paid partnership` lè hàn lára fídíò. Mo tún ní, “Mà, bí wọ́n bá wá mọ̀ lẹ́yìn, èmi àti láfún yín la jọ máa pàdánù.” Wọ́n gbà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èèyàn mẹ́sàn-án ló kọ ‘ÌLASA’. Àwọn mẹ́ta sá nígbà tí wọ́n gbọ́ owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Èkó. Àwọn mẹ́fà yòókù ra àpò oníkílò márùn-ún mẹ́rìnlá. Èrè ìyá náà lórí àpò kan jẹ́ ₦1,200, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦16,800. Bí a bá yọ owó mi kúrò, ₦1,800 ló kù fún wọn. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tó sá. Mo dá a lábàá pé kí àwọn ará Èkó méjì tàbí mẹ́ta máa da ẹrù wọn pọ̀ kí wọ́n lè pín owó ọkọ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ wa ti parí síbẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà náà tún padà wá rà, láìsí fídíò kankan. Ìyá náà pè mí lórí fóònù fúnra wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, fídíò kejì tó o ní o máa ṣe níjọ́sí ńkọ́? Ìgbà wo lò ń bọ̀?”