Ẹsẹ Orin fún Ọjọ́ Ìbí Màmá

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bá dé ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì a máa yan èdè kan sí i lẹ́yìn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì: ti Jámánì tàbí ti Sípéènì. Ọmọbìnrin wa yan ti Sípéènì. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ fi èdè yìí kọ ewì fún ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀, tí ń ta àgbàdo ní Ìgòlò. Ó kọ ọ́ báyìí:

Mi mamá vende maíz
y hoy la veo feliz.
Mamá, tú estás muy buena.
Feliz cumpleaños.

Ìtumọ̀ ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ ni pé, “Màmá mi ń ta àgbàdo, lónìí mo rí i, inú rẹ̀ dùn.” Ó dára, ó sì bá ara dọ́gba létí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Sípéènì ṣe ń ka ewì, wọ́n ń ka ìró ohùn, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Bí ohùn bá wúwo lórí ìró ìkẹyìn, wọ́n á fi ọ̀kan kún un. Ẹsẹ kìíní ní ìró 7, a fi 1 kún un, ó di 8. Ti èkejì kù: “y” àti “hoy” so pọ̀ di ìró kan, nítorí “h” kì í dún. Ìró 6 ni, ó di 7. Ọmọ náà fi “muy” sí iwájú “feliz”, ó sì pé.

Ẹsẹ kẹta ni ó mú mi dìde lórí àga. Faransé ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “être”. Ti Sípéènì jẹ́ méjì. “Ser” ń sọ ohun tí ènìyàn jẹ́, “estar” ń sọ ipò tí ó wà. Látìnì tí mo kọ́ ní sẹ́mínárì ni ó ràn mí lọ́wọ́: inú “stare”, èyíinì ni ìdúró, ni “estar” ti wá. Bí a bá sọ pé ọbẹ̀ “está buena”, ó dùn lẹ́nu nìyẹn. Níbòmíràn, ó lè jẹ́ pé ara aláìsàn ti yá. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ sí obìnrin, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin ìgboro fi ń wo ìdí obìnrin ni! A yí i sí “eres”, ó sì di “Màmá, ènìyàn rere ni ọ́.”

Àmì orí “ñ” nínú “cumpleaños” náà kò gbọdọ̀ bọ́. Bí ó bá bọ́, ọdún á di ihò ìdí. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ ọpẹ́ àti òpè, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Ẹsẹ kẹrin kò bá ẹ̀kẹta dọ́gba létí, mo ní kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kà á, ìyá rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan àfi “maíz”, nítorí ó jọ ti Faransé. Ó ní, “Àbí àgbàdo mi ni o fi ń kọrin?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” ni ọmọ náà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá.