Ẹ Dín Àwòrán Yín Kù Kí WhatsApp Tó Bá Yín Dín In

Títún àwòrán ṣe ni iṣẹ́ mi ní Asáwàsé, ní Kùmásì. Bí mo bá parí àwòrán ìyàwó tuntun, ẹni tó máa kọ́kọ́ rí i lè má sí ní Gánà rárá. Láti ìgbà tí ìjọba Busia ti lé àwọn àjèjì jáde lọ́dún 1969 ni ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ti pín sí méjì: apá kan wà níbí, apá kejì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń rí ojú ara wọn. Bí àwòrán bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, èmi tí mo tún un ṣe ni wọ́n máa sọ pé mi ò mọṣẹ́.

Èrò mi ni pé ẹni tó tún àwòrán ṣe ló yẹ kó dín in kù fúnra rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Àwòrán kan fẹ̀ ní píksẹ́lì 4000, ó sì ga ní 6000. Bí mo bá fi ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á dín gíga rẹ̀ kù sí nǹkan bí 1600. Nínú píksẹ́lì mílíọ̀nù 24, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 ló máa kù. Lẹ́yìn náà ni á tún fún un pọ̀: á pín in sí igun mẹ́rin wẹ́wẹ́, píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró, á sì ju ohun tíntìntín tí kò hàn ketekete nù. Ihò wẹ́wẹ́ ara tí mo fi sùúrù dá sí ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá máa dán bíi ti bèbí oníke, ojú iṣẹ́ ara léèsì á sì dàrú.

Ẹ̀dà tí mò ń gbé jáde láti inú Lightroom rèé:

```
Long Edge: 1600 pixels
Quality: 85
Color Space: sRGB
Sharpen For: Screen
```

Nítorí pé ó ti kéré tó, WhatsApp kò ní dín in kù mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á ṣì fún un pọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìdínkù ni a ń mú kí etí nǹkan hàn dáadáa, torí èyí tí a bá ṣe ṣáájú á parẹ́ sínú ìdínkù náà. Ní ti àwọ̀, àwòrán tó wà ní Adobe RGB lè ṣì lójú fóònù, kí awọ ara sì dà bíi ti aláìsàn. Mo máa ń fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí ara mi, mo sì ń wo etí irun àti léèsì kí oníbàárà tó rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà yìí kò wà fún títẹ̀. Bí ẹbí bá fẹ́ tẹ àwòrán tó ga ní ínǹṣì 24, ojúlówó á fún wọn ní píksẹ́lì 250 nínú ínǹṣì kan; ti WhatsApp kò ní ju 67 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ojúlówó ránṣẹ́ lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bíi Document, èyí tí WhatsApp kì í fọwọ́ kàn. Dátà tó ń jẹ pọ̀ jù, àwọn oníbàárà a sì máa kùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé àwòrán ìyá wọn kọ́ ara ògiri, èyí tó wà nínú ìsọ̀rọ̀ WhatsApp kò ní tó wọn.