Fídíò Jókòó-Dìde Àwọn Àgbà Wa: Ọ̀rọ̀ Tí A Tẹ̀ fún Ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń béèrè bí a ṣe rí fídíò màmá tó ń jókòó tó ń dìde, èyí tó ń yí po lórí tẹlifíṣọ̀n ìpàdé wa ní Sábọ̀n Gàrí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síbí kí gbogbo yín lè rí i kà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ orúnkún ló fà á. Àwọn àgbà wa tó ti jókòó ti ọjà láti bí ọgbọ̀n ọdún, bí wọ́n bá fẹ́ dìde, àfi kí wọ́n di nǹkan mú. Oníṣẹ́ ìlera kan wá kọ́ wọn: ká ká apá sí àyà, ká rọra jókòó sórí àga, ká tún dìde, ìgbà mẹ́jọ, ká sinmi. Nígbà tó fi máa di ìpàdé kejì, kálukú ti ní tirẹ̀. Ẹnì kan ń já lu àga gbìì, ẹnì kan ń gbé gìgísẹ̀ sókè. Jíjá lu àga yẹn, ẹ̀yìn ni í gbà á. Ìyẹn la ṣe fẹ́ nǹkan tí wọ́n á máa wò ṣe.

Ká má parọ́, bí ẹ bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, tó sì gbà kí ẹ fi fóònù ya òun, ẹ yà á. Kò sí ẹ̀rọ tó máa ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn màmá wa ní àwọn ò fẹ́ kí ojú àwọn máa kiri inú fóònù gbogbo ayé. Bí ọmọ ogún ọdún bá sì ṣe é, wọ́n á ní ara rẹ̀ ló ṣì dá. Bí a ṣe dé ìdí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń ya fídíò láti inú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí ni pé kò mọ ìkà. Ẹ ní kó jókòó dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó lè ṣe é ní mẹ́ta, kó ṣe ìkẹrin dé ìdajì, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì di ti òsì láàárín méjì. Fídíò tó ń ṣe jáde kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó nínú ìwọ̀nba àkókò yẹn ni ara ṣe ń dàrú tó. Nítorí náà, ìdajì ìgbà kan péré la bẹ̀ ẹ́ fún: kí màmá ti orí ìdúró jókòó, kó tán. Dídìde rẹ̀, àwa fúnra wa la máa ṣe é.

A kọ́kọ́ ní kó ya àwòrán méjì, ọ̀kan tí màmá dúró níwájú àga, ọ̀kan tó ti jókòó, aṣọ kan náà, àga kan náà. Àwòrán rọrùn yẹ̀ wò ju fídíò lọ. Nígbà tí méjèèjì dára, a fi wọ́n síbi tí ẹ̀rọ ti ń gba àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè di ìdúró ara mú tó àwòrán méjì yẹn. Lẹ́yìn náà la wá tẹ èyí:

```
Fixed camera, turned slightly from the side, both feet visible.
One woman about 60, fitted dark trousers, light top, plain wall.
Firm wooden chair behind her. Arms crossed on chest.
She sits down once, slowly, in 3 seconds: hips go back,
chest leans forward, heels stay flat, feet do not move.
She ends seated and still. No cuts, no zoom.
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. Bí kámẹ́rà bá wà ní ẹ̀gbẹ́ gan-an, ẹsẹ̀ kan á bo èkejì, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń pààrọ̀ wọn mọ́ wa lójú. Bí ó bá yí díẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á hàn, a ó sì rí i bí orúnkún bá ń tẹ̀ wọnú. Ti aṣọ, àwọn kan fẹ́ kó ró ìró, kó lè jọ ìyá wa. Àwa kọ̀ o. Ìró á bo orúnkún, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀.

Àga onígi la sọ, nítorí àwa tí a ń ta àga ike mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí táìsì. Ínṣì 17 ni gíga ìjókòó tí wọ́n fi ń dán àwọn àgbà wò nínú irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ ínṣì fún ẹ̀rọ, kò ní ọ̀pá ìwọ̀n. Ẹ fi ojú wò ó: kí ìjókòó tó ibi orúnkún màmá.

Ìgbà mẹ́fà ló ya á kí a tó rí ẹyọ kan mú. Bí a ṣe yẹ̀ wọ́n wò nìyí. A gé bébà tín-ínrín, a fi lé ojú fóònù níbi gìgísẹ̀ màmá, a wá jẹ́ kí fídíò máa lọ díẹ̀díẹ̀. Méjì nínú wọn, gìgísẹ̀ kúrò lára bébà, a dà wọ́n nù. Nínú ọ̀kan, ọwọ́ wọnú aṣọ bí ẹni pé ó yọ́. Nínú òmíràn, ìsàlẹ̀ ni ìdí kọjú sí ní tààrà, kò lọ sẹ́yìn, orúnkún sì ta kọjá ìka ẹsẹ̀ jìnnà. Ìkarùn-ún dára lójú gbogbo wa, àfìgbà tí a yí i padà kó máa lọ láti ìparí sí ìbẹ̀rẹ̀: màmá fò kúrò lórí àga bí ẹni tí wọ́n tì. Ìyẹn fi hàn pé jíjá ló já lu àga nígbà tó ń lọ sílẹ̀. Ìkẹfà la mú.

Yíyí padà yẹn náà la fi rí dídìde. Ẹni tó bá jókòó pẹ̀lẹ́, tó fi àyà síwájú, bí ó ṣe máa dìde gẹ́lẹ́ ni a máa rí bí a bá yí i padà. Kì í ṣe gbogbo eré ìdárayá ló gba èyí o. Ẹ yí fífo tàbí rírìn padà, ẹ ó rín.

Nínú ápù tí a fi ń gé fídíò, a to jíjókòó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, a dá a dúró fún ẹyọ kan, a to dídìde mẹ́ta, a tún dá a dúró fún ẹyọ kan. Mẹ́jọ nìyẹn. Níwọ̀n bí òpin ti jẹ́ àwòrán kan náà pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀, ojú ò rí ibi tí wọ́n ti so pọ̀. A dà á kọ sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 64, a fi ọwọ́ ara wa kọ ení, èjì, ẹ̀ta sí i títí dé ẹ̀jọ, a wá fi ìsinmi ìṣẹ́jú kan tẹ̀lé e kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Oníṣẹ́ ìlera yẹn wò ó kó tó gun orí tẹlifíṣọ̀n. Ohun kan ló ní ká fi kún un, ká kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tí orúnkún bá ń ta kó dáwọ́ dúró, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ìbàdí tàbí orúnkún béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ná. A ti kọ ọ́. Àga tiyín, ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Bí ó bá kúrú, ẹ fi tìmùtìmù lé e.

Fáìlì náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó mú fóònù rẹ̀ wá sípàdé lọ́jọ́ Àìkú.