Súfẹníà Ọdún Ifá: Ẹ Jẹ́ Kó Bá Àlejò Níbi Tó Jókòó Sí

Ọdún Ifá ti ń bọ̀ lọ́nà, àwọn kan nínú yín sì ti bi mí pé kí ni kí àwọn fún àlejò tí owó ò fi ní bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí ní ilé wa ní Muṣin, torí àṣìṣe ni mo fi kọ́ ọ.

Ní ọdún 2024, àwo oníke ni a rà, igba ẹyọ, 750 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. A tún san 20,000 náírà kí wọ́n tẹ orúkọ ilé wa àti ọdún sí i lára. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 170,000. A kó wọn jọ sí ẹnu géètì, a ní tí ènìyàn bá ń lọ ni yóò gba tirẹ̀. Ẹni tó di gbohùngbohùn mú kéde pé súfẹníà ti wà ní géètì. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí gbogbo ènìyàn fi dìde. Àwọn tí kò tíì jẹun fi oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ ní títì náà yà wọlé. Wọ́n ti ìyá àgbà kan, olórìṣà tí mo mọ̀ láti kékeré, ó ṣubú, ìbàdí rẹ̀ sì dùn ún títí di oṣù mẹ́ta. Nítorí àwo oníke! Ojú tì mí láti lọ kí i nílé.

Ní oṣù December ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 18, ọmọdé 35 kú ní Islamic High School ní Bàṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi tí èrò ti pọ̀ jù ní ibi ayẹyẹ tí wọ́n ti fẹ́ fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ènìyàn tún kú ní Àbújá àti ní Òkíjà, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Nígbà tí mo gbọ́, ìyá yẹn ni mo rántí. Ibi kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ gbà á, àti ìbẹ̀rù pé kò ní kárí, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń fa ìjàǹbá. Bí ènìyàn bá mọ̀ pé tòun ń bọ̀ wá bá òun níbi tóun jókòó sí, kí ló fẹ́ torí ẹ̀ sáré?

Ní ọdún 2025, mo kọ́kọ́ mú owó. Mo ní ìdá mẹ́wàá owó ọdún ni súfẹníà máa gbà, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí a ní fún gbogbo ètò jẹ́ 750,000, nítorí náà 75,000 ni ti súfẹníà. Àgbàlagbà tí a ń retí tó 150. Bí a bá pín 75,000 sí ọ̀nà 150, 500 náírà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi dé ọjà Ojúwòyè, ohunkóhun tó bá ju 500 lọ, a ò tilẹ̀ ná an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rí ohun tó wuyì kí wọ́n tó ronú owó, ibẹ̀ ni ìsúná ti ń bà jẹ́.

Iyọ̀ ni a mú. Àpò kan jẹ́ 8,000, ogún ọ̀rá kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn 400 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò mẹ́jọ, 160 ẹyọ, jẹ́ 64,000. Gbogbo ilé ló ń lo iyọ̀, a sì máa ń fi í ṣe àdúrà kí ayé ẹni dùn. Ó ti wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, a ò ní ra báàgì. Dípò ká tẹ orúkọ sí i, a lọ sí Ṣómólú, wọ́n tẹ ìwé alẹ̀mọ́ fún wa, méjìlá lójú ewé kan. Ewé 14 ní 500 náírà jẹ́ 7,000. Orúkọ ilé àti "Ẹ kú ọdún Ifá" ni a kọ sí i, a ò kọ ọdún, kí èyí tó bá ṣẹ́kù lè wúlò lẹ́ẹ̀mí-ìn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gba 3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 74,000. Iye tí ọjà sọ lọ́jọ́ yẹn nìyí o, ẹ ṣe ìṣirò tiyín pẹ̀lú iye tí ẹ bá bá lọ́jà.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Iyọ̀ kì í fẹ́ ọ̀rinrin, orí pákó ni kí ẹ kó o lé, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Èkejì, Ọbàtálá kì í jẹ iyọ̀. Bó bá jẹ́ ọdún Ọbàtálá ni ẹ ń ṣe, ọṣẹ ìfọṣọ ni kí ẹ rà. Ẹ sì béèrè èèwọ̀ àwọn àlejò yín ṣáájú, torí èèwọ̀ ẹnì kan kọ́ ni ti ẹlòmíràn.

Ní ti pípín, inú yàrá ni a kó o sí, a ti ìlẹ̀kùn. A ní tábìlì 14, àga mẹ́wàá nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yan ọmọ ilé méje, kálukú ní tábìlì méjì. Ogún ẹyọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà nínú agbọ̀n. Ìgbà tí oúnjẹ ti dé iwájú gbogbo ènìyàn ni wọ́n jáde, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn sì jáde, torí ẹni tó ń jẹun kì í dìde. A kìlọ̀ fún ẹni tó di gbohùngbohùn mú pé kó má dárúkọ súfẹníà rárá. Wọ́n ń gbé e lé àlejò lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà kúkúrú. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi parí, onílù ò sì dákẹ́.

Ogún tó kù wà lọ́wọ́ ìyàwó mi nìkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní méjì-méjì. A mọ̀ nítorí agbọ̀n rẹ̀ ti ṣófo, ènìyàn mẹ́ta sì wà nídìí tábìlì rẹ̀ kejì tí kò rí gbà. Ìyàwó mi fi mẹ́ta dí i kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Àwọn alásè àti àwọn onílù gba méjìlá. Àwọn tó dúró síta, oúnjẹ ni a fún wọn, a sì sọ fún wọn ní tààrà pé kò sí súfẹníà mọ́. A ò sọ pé kí wọ́n dúró ná, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń kó èrò jọ.

Iyọ̀ márùn-ún ló ṣẹ́kù. Mo mú ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ sílé ìyá yẹn fúnra mi, torí kò wá lọ́dún náà. Ó gbà á, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé wọn ò ti ẹnikẹ́ni lónìí?" Mo ní rárá, ìyá mi. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun á wá.