Ta ni ká kí nínú ọkọ̀ ní Kálígárì?

Ẹ jẹ́ ká ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ wọ takisí láti Sálẹ́ńjì lọ sí Dùgbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó bá ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ọkọ̀ Máíkírà kékeré yẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló máa ń kí àwọn tó bá níbẹ̀, kódà bó bá dàgbà jù wọ́n lọ. "Ẹ káàárọ̀ o" kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọkọ̀. Kò ní wo ẹnì kọ̀ọ̀kan lójú, kò sì sẹ́ni tó ń retí kó kúnlẹ̀ nínú takisí. Wọ́n á dá a lóhùn, oníkálukú á sì dákẹ́. Bó bá dé ibi tó ń lọ, á ní "ẹ ṣé o" fún awakọ̀, "ó dàbọ̀ o" fún àwọn tó kù, ó parí. Kò ní bi ẹnikẹ́ni pé níbo ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ò fẹ́ kí ẹni táwọn ò mọ̀ máa bi àwọn bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé púpọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sí òkè òkun rò pé Yorùbá gidi ni ẹni tó ń kí gbogbo ayé, nígbàkigbà. A wá ń tijú, a ò sì mọ ohun tá a máa sọ fún ọmọ wa. Ẹ tún gbọ́ ìkíni wa dáadáa. "Ẹ kú iṣẹ́" ni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, "ẹ kú ìjókòó" fún ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, "ẹ kú òtútù" nígbà tí òtútù ń mú gbogbo wa. Ká tó la ẹnu, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni yẹn ń ṣe, tàbí ohun tó pa àwa àti òun pọ̀. Nígbà míì, ohun tó ń ṣe ló máa ní ká dákẹ́. Níbi ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nínú oṣù kẹjọ, bí arugbá bá ń gbé igbá lọ sí ojúbọ, èrò á máa gbàdúrà, wọ́n á máa pariwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa dúró síwájú rẹ̀ kó ní "ẹ káàárọ̀" kó sì máa retí ìdáhùn. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì mọ̀ pé àìbọ̀wọ̀ fúnni kọ́.

Ìlànà yìí kan náà ni mo ń lò ní Kálígárì, ó sì bá ìlú náà mu ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú bọ́ọ̀sì níbí, àwọn èèyàn máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí wọ́n bá ń bọ́ sílẹ̀, àwọn míì á tiẹ̀ pariwo rẹ̀ láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kí nìyẹn bí kò ṣe "ẹ kú iṣẹ́"? Ní ibùdókọ̀ nínú oṣù kìíní, tí òtútù bá ti kọjá ogún lábẹ́ òdo, ẹni tó dúró tì yín lè sọ pé òtútù yìí mà pọ̀ o. Ẹ dá a lóhùn, "ẹ kú òtútù" ló ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé níbí rí mọ afẹ́fẹ́ Ṣínúùkù tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Rọ́kì, tó ń sọ ọ̀gbìnrìn òtútù di ìlọ́wọ́ọ́wọ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí kì í wo ojú ara wọn ní òpópónà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín síra wọn. Lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba etí odò Bóò, "gúdù mọ́nìn" kò wọ́n láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nínú rélùwéè ìlú, nígbà tí èrò bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kálukú ti di gbohùngbohùn sétí. Ẹni tó ti di etí rẹ̀ ti sọ fún wa ohun tó fẹ́, àbí?

Ibi tó le gan-an ni ìgbà tí Yorùbá bá bá Yorùbá pàdé nínú ọkọ̀ láìmọra wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, wọ rélùwéè láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn lọ sí àárín ìlú. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn wa, ó ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ tá a jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀: owó tí ọkọ rẹ̀ yá, ẹni tí wọ́n ò fẹ́ kó mọ̀. Ó sọ ọ́ kedere, torí ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Ọmọ mi yí ojú sí mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Òfin tí mo ti kọ́ ọ ni pé a kì í kí ẹni tó wà lórí fóònù. Síbẹ̀ mo yíjú sẹ́yìn, mo tẹ orí ba díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán mà," ohùn mi ò ga. Ojú rẹ̀ là. Ó dáhùn pé, "Ọ̀sán o, ẹ ṣé," ó sì sọ fún ẹni tó wà lórí fóònù pé òun á pè é padà. A ò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò bi í ní orúkọ, mi ò bi í ní ìlú rẹ̀, mi ò ní "ayé mà kéré o." Nígbà tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ mi, ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ dáadáa."

Nígbà tá a dé ìta, ọmọ béèrè pé, "Mọ́mì, ẹ ní ká má kí ẹni tó wà lórí fóònù."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé a gbọ́. Bí a bá dákẹ́, a ń jí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nìyẹn."

"Ká ní ó ń sọ pé ẹja ló fẹ́ rà ńkọ́?"

"Ká dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹja kò ní kó ìtìjú bá a."

Ìyá mi sọ fún mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé òun ì bá wúkọ́ ni, tàbí kí òun pe ọmọ ní orúkọ Yorùbá rẹ̀ sókè, kí obìnrin náà fi gbọ́ fúnra rẹ̀, kí ojú má baà tì í. Ó ṣeé ṣe kí tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ mi nínú ọkọ̀ tó kún fún èrò, ìyẹn ni mi ò fẹ́.

Ìdí ni pé ọdún díẹ̀ sí i, òun nìkan á máa wọ ọkọ̀. Mo ti ń sọ fún un báyìí pé ìkíni ní ààlà: a kí i, ó dáhùn, ó tán. Àgbà tó bá kí i lójú ọ̀nà yẹ fún ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá wá ń béèrè orúkọ, tàbí ilé ìwé tó ń lọ, tàbí ibi tó ti máa bọ́ sílẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìkíni mọ́, kò sì jẹ ẹ́ ní ìdáhùn kankan, kódà kí onítọ̀hún máa sọ Yorùbá tó dùn bí oyin. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì, kó dìde lọ jókòó nítòsí awakọ̀. Bó bá jẹ́ rélùwéè, kó lọ dúró síbi tí èrò pọ̀ sí, nítòsí bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́. A ti jọ wá bọ́tìnnì náà rí nínú ọkọ̀ méjì. Ó béèrè bóyá òun lè tẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní rárá.