Ẹ má yọ èlé lẹ́ẹ̀mejì

1/ Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí o. Bí ìdá tí ẹ fi ń dín owó ọ̀la kù sí owó òní bá ti ní èlé nínú, ẹ má tún yọ èlé kúrò lára owó tí iṣẹ́ yín ń mú wọlé.

2/ Àǹtí mi kan n'Íwòó fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo pupa, 1,000,000 náírà. Wọ́n máa yá gbogbo owó náà ní èlé 20% lọ́dún. Wọ́n á fi ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, wọ́n á sì tà á. Lẹ́yìn owó òṣìṣẹ́ àti dísẹ́ẹ̀lì, tí a bá fi owó ẹ̀rọ tí wọ́n tà kún un, 1,250,000 ló máa wọlé lópin ọdún.

3/ Ẹnì kan bá wọn ṣírò ẹ̀. Ó yọ èlé 200,000, ó ku 1,050,000. Ó tún wá fi 1.2 pín in nítorí èlé 20%, ó di 875,000. Ó ní àdánù 125,000 ni. Díẹ̀ ló kù kí Àǹtí pa iṣẹ́ náà tì.

4/ Kí ló wà nínú 1.2 yẹn gan-an? 1 ni ojú owó, 0.2 ni èlé. Tí ẹ bá ti fi 1.2 pín owó ọ̀la, èlé ti gba tiẹ̀ lọ nìyẹn. 1,250,000 ÷ 1.2 jẹ́ 1,041,667. Ẹ yọ owó ẹ̀rọ, èrè 41,667 ló kù, ní owó òní.

5/ Ṣé ẹ ò gbà? Ẹ jẹ́ ká tọ owó náà lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ayánilówó kó 1,000,000 wá, ẹni tó ta ẹ̀rọ gbà á: òdo. Lópin ọdún, 1,250,000 wọlé, 1,200,000 padà sọ́dọ̀ ayánilówó, ó ku 50,000. Ẹ fi 1.2 pín in: 41,667. Iye kan náà! Bí èlé bá máa wọlé, kí owó tí a yá àti ojú owó tí a san padà jọ bá a wọlé. Èlé nìkan ni ẹni yẹn mú wọlé.

6/ Ìyẹn ò ní kí èlé má ṣe pàtàkì o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìdá èlé tiẹ̀ dé 27.5%. Bó bá jẹ́ iye tí Àǹtí fi yáwó nìyẹn, 1,250,000 ÷ 1.275 jẹ́ 980,392. Àdánù ni. Inú ìdá yẹn ni èlé ti ń jà.

7/ Ìwé kejì wà tí èlé gbọ́dọ̀ hàn nínú ẹ̀: ìwé ọjọ́ tí a máa sanwó. Bí ayánilówó bá ń gbowó lóṣooṣù, tí ẹyìn ò sì tíì pọ̀ lóko, iṣẹ́ tó lérè náà lè há. Ìwé àkọ́kọ́ ń béèrè pé, "Ṣé iṣẹ́ yìí pé?" Èkejì ń béèrè pé, "Ṣé owó á wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí gbèsè bá pé?" Mo ní kí Àǹtí kọ méjèèjì, kí wọ́n má dà wọ́n pọ̀.